Pé álááàmù ké nígbà tẹ́ẹ tẹ bọ́tìnnì ò ní kó ṣì máa gbọ́ gáàsì

Ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń rẹ́ǹtì ilé ní London gbà pé táwọn bá ti tẹ bọ́tìnnì álááàmù CO, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mònósáìdì, gáàsì olóró tí bọ́ìlà lè tú jáde, tó sì ké, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bọ́tìnnì yẹn kàn ń wò ó bóyá bátìrì ṣì lágbára àti bóyá ohun tó ń ké nínú ẹ̀ ṣì ń ké ni, kò gbé gáàsì kankan dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ pé gáàsì wà, bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ gan-an ló ń dáàbò bò yín.

Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ́jà báyìí, sẹ́ńsọ̀ náà ò ju kiní kékeré kan lọ, tí kẹ́míkà àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀. Tí CO bá gba ihò wẹ́wẹ́ wọlé, ara irin yẹn ló ti máa di CO2, bó ṣe ń yí padà ló ń tú iná mànàmáná díẹ̀ sílẹ̀, bí gáàsì bá sì ṣe pọ̀ tó ni iná náà ṣe máa pọ̀ tó. Kì í ké lójú ẹsẹ̀ o, torí díẹ̀díẹ̀ ni gáàsì yìí ń kó sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ìlànà EN 50291 tí wọ́n ń lò níbí, tí CO bá jẹ́ 50 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó máa tó wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ kó tó ké, tó bá dé 300, kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 3.

Sẹ́ńsọ̀ yìí ń gbó, yálà gáàsì wá tàbí kò wá. Ká ní ẹ kó wọ ilé kan, ẹ bá álááàmù lórí wọ́dúróòbù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ké gooro, ẹ wá yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ẹ rí i pé 2023 ló yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má gbọ́kàn lé e mọ́. Ọdún 5 sí 10 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ sì ni kẹ́ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ẹ gbé e kọ́. Tó bá ń ké kín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tẹ́ẹ ti fi bátìrì tuntun sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń sọ pé òun ti gbó ni.

Àwọn kan ń gbé e sísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé gáàsì ìdáná inú sílíńdà máa ń wálẹ̀. Tìyẹn wúwo lóòótọ́, àmọ́ CO fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀, ooru sì máa ń gbé e lọ sókè. Inú yàrá tí bọ́ìlà wà gan-an ni kẹ́ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí bọ́ìlà tó mítà 1 sí 3. Tó bá jẹ́ àjà, kó fi 30 sẹ̀ńtímítà jìnnà sí ògiri, tó bá jẹ́ ara ògiri, kó ga ju orí ilẹ̀kùn lọ, kó sì fi ó kéré tán 15 sẹ̀ńtímítà wà nísàlẹ̀ àjà. Ti yàrá ìsùn, ibi tí imú yín máa ń wà tẹ́ẹ bá sùn. Ẹ má fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ẹ̀yìn kọ́tìnnì, gáàsì ò ní tètè débẹ̀.

Láti October 2022, òfin England ti sọ pé láńlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fi í sí yàrá tí bọ́ìlà gáàsì wà, tẹ́ẹ bá sì sọ fún un pé ó ti bàjẹ́, òun ló máa tún un ṣe tàbí pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, kẹ́ẹ ya fọ́tò ọjọ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ mọ́ ọn.