Iye tó wà ní báǹkì kọ́ ni iye tó ṣe é ná

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Akápò ń lọ, ó kọ ìwé tó fi fa iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́, ọ̀gá ṣí i, ojú rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n kọ owó báǹkì sí, ó ní, "A ṣì lówó." Ojúewé kejì, níbi tí iṣẹ́ tó kù ńlẹ̀ wà, kò ní kà á.

Èmi ni mo gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó, níbí ní Abẹ́òkúta. Ìparí oṣù ni, wọ́n ti san owó oṣù. Ìwé náà ní ₦2,860,000 ló wà ní báǹkì, báǹkì náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ra jẹnẹrétọ̀ ₦1,900,000 lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé sọ̀wédowó méjì ṣì wà lóde. Ẹni tó ń ta dísù fún wa gba ₦740,000, ẹni tó tẹ̀wé gba ₦310,000, àwọn méjèèjì ò sì tíì lọ sí báǹkì. Báǹkì ò lè mọ̀ nípa sọ̀wédowó tí wọn ò tíì gbé wá. Ìdí ìwé sọ̀wédowó, níbi tí akápò ti ń kọ iye àti orúkọ kó tó já ewé rẹ̀, nìkan ni mo ti rí wọn.

Owó orí tí wọ́n ti yọ lára owó oṣù, ₦285,000, tún wà ńbẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì, ₦405,000, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ méje lọ lẹ́yìn owó oṣù. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀: ₦1,120,000 péré ló ṣe é ná.

Lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, ₦960,000 ló kù. Onídísù gba tirẹ̀, ó ku ₦220,000. Nígbà tí ti atẹ̀wé dé, báǹkì dá a padà. Owó orí ò ṣe é san mọ́, owó òṣìṣẹ́ sì nìyẹn, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn.

N kò sọ pé báyìí ló rí níbi gbogbo. Níbi tí wọ́n bá ń fi fóònù san gbogbo owó, ìyàtọ̀ náà lè má tó nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó orí àti ìfẹ̀yìntì ò ní ṣàìsí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbaṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi ẹni tó ń lọ pé ọjọ́ wo ló wo owó báǹkì, àti nọ́ńbà sọ̀wédowó tó já kẹ́yìn. Ẹ jọ ṣí ìdí ìwé náà, kẹ́ ẹ fi ìka tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò mọ́ àkọsílẹ̀ báǹkì, títí dé oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, torí sọ̀wédowó tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ṣì lè wọlé.