Kí ló ń dá bakitéríà dúró? Àlàyé ìpele ìdàgbàsókè wọn nínú ìgò kan ṣoṣo

Bí ẹ bá da omi oúnjẹ sínú ìgò, tí ẹ fi díẹ̀ lára bakitéríà tí wọ́n ń pè ní kòkòrò Íkólì sí i, tí ẹ kò fi nǹkan kan kún un mọ́, tí ẹ kò sì bu nǹkan kan kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, ọ̀sìn oúnjẹ-ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Bí ẹ bá ń ka iye kòkòrò náà láti wákàtí dé wákàtí, tí ẹ sì fi ya ìlà sórí ìwé, ìlà náà á kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, á gòkè, á tún tẹ́, lẹ́yìn náà á sọ̀kalẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń kọ́ wa: ìmúra, ìlọ́po, ìdúró àti ikú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà pé oúnjẹ ló ń darí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dí kòkòrò lọ́wọ́ ní ìpele kan yàtọ̀ sí ti èkejì, ibẹ̀ gan-an ni òye ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ẹ jẹ́ ká lo àpẹẹrẹ kan. Omi M9 ni a ó lò, ìyẹn omi tí kò ní ju iyọ̀ lóríṣiríṣi lọ: fọ́síféètì, amóníọ̀mù, maginísíọ̀mù. A ó fi gúlúkóòsì 0.2 gíráàmù sínú lítà kan. Òun nìkan ni oúnjẹ tó lè fún wọn ní agbára. A ó gbé ìgò náà sórí ẹ̀rọ tó ń mì ín, ní ìwọ̀n ooru 37, kí atẹ́gùn lè máa wọlé. A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kòkòrò mílíọ̀nù 1 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan.

Ká ní inú omi ẹran àti ìwúkàrà tó lọ́ràá ni a ti mú kòkòrò wọ̀nyí wá. Níbẹ̀, wọ́n ń rí ásíìdì amínò, ohun tí wọ́n fi ń kọ́ purotéènì, jẹ ní sísè tán. Nínú M9, kò sí irú rẹ̀; wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe gbogbo rẹ̀ láti ara gúlúkóòsì àti amóníọ̀mù. Kí wọ́n tó lè ṣe é, wọ́n ní láti kọ́kọ́ ṣe àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń ṣe é. Àìsí irinṣẹ́ yìí ló ń dí wọn lọ́wọ́ ní ìpele ìmúra, nígbà tí oúnjẹ ṣì kún fọ́fọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń sùn. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 lórí Sàmónẹ́là, tó jẹ́ ìbátan Íkólì, fi hàn pé láàárín ìṣẹ́jú 4 tí wọ́n dé inú omi tuntun ni iṣẹ́ àwọn jíìnì wọn ti ń yí padà, tí wọ́n sì ń kó irin wọlé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá mú kòkòrò tó ń lọ́po lọ́wọ́ nínú M9, tí ẹ gbé e sínú M9 mìíràn tó gbóná bákan náà, ìpele ìmúra fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmúra èké o. Bí ó bá jẹ́ pé òkú ló pọ̀ jù nínú kòkòrò tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí omi ṣe rú tó, tó ń kọ OD600 síta, yóò ka òkú mọ́ ààyè. Ìlà yóò dà bí ẹni tó dúró, bẹ́ẹ̀ àwọn ààyè díẹ̀ inú rẹ̀ ti ń lọ́po tipẹ́. Àfi kí ẹ bu díẹ̀ sórí àwo tí oúnjẹ dídì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ka iye tó hù.

Lẹ́yìn èyí ni ìlọ́po. Nínú M9 oní gúlúkóòsì, kòkòrò 1 ń di 2 ní nǹkan bíi wákàtí 1. Nínú omi tó lọ́ràá, ìṣẹ́jú 20 ló ń gbà á. Kí ló dé tí kò yá ju bẹ́ẹ̀ lọ? Kì í ṣe pé oúnjẹ kò tó. Ráíbósóòmù, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe purotéènì nínú kòkòrò, ló ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo purotéènì kòkòrò tuntun, títí kan èyí tí ráíbósóòmù tuntun fúnra rẹ̀ nílò. Nínú M9, púpọ̀ lára iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sórí ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ásíìdì amínò, ìdí nìyẹn tí ìlọ́po fi falẹ̀. Bí ẹ bá sọ gúlúkóòsì di ìlọ́po 2, ìlà kò ní ga síwájú kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ni gúlúkóòsì tó lé wá ń ṣe nígbà náà? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gíráàmù gúlúkóòsì 1 ń mú nǹkan bí ìdajì gíráàmù kòkòrò gbígbẹ jáde, nítorí náà 0.2 gíráàmù yóò gbé wa dé nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù nínú mílílítà kan. Láti mílíọ̀nù 1, ní wákàtí 6 lẹ́yìn tí ìlọ́po bẹ̀rẹ̀, a ti wà ní 64 mílíọ̀nù, wọn kò sì tíì jẹ ju bí ìdá 1 nínú 5 oúnjẹ náà lọ. Ní wákàtí 8, a dé 256 mílíọ̀nù. Ìṣẹ́jú bíi 15 sí i, ó parí. Wákàtí tó kẹ́yìn nìkan ló jẹ ìdajì gbogbo oúnjẹ. Bí ẹ bá fi 0.4 gíráàmù sí i dípò 0.2, òkè ibi tí ìlà dé yóò di 600 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n wákàtí 1 péré ni ìlọ́po fi gùn sí i.

Jacques Monod, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, ló fi èyí hàn ní àwọn ọdún 1940: iye gúlúkóòsì ló ń pinnu ibi tí ìlà yóò ga dé. Íkólì sì lè gbá gúlúkóòsì mọ́ra kódà nígbà tó bá ti ku mílígíráàmù díẹ̀ nínú lítà kan. Nítorí náà ìlà kì í rọra tẹ̀, ńṣe ló máa ń dúró bíi pé wọ́n tẹ bíréèkì.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé gúlúkóòsì ló tán lóòótọ́? Ẹ pín omi náà sí ìgò kéékèèké, ẹ fi gúlúkóòsì sí ọ̀kan, amóníọ̀mù sí èkejì, kí ẹ má fi nǹkan kan sí ẹ̀kẹta. Èyí tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́po ló sọ ohun tó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi gúlúkóòsì 10 gíráàmù sí lítà kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò wa kò ní bá a mu mọ́. Kòkòrò yóò pọ̀ débi pé wọ́n ń lo ọ́síjìn yára ju bó ṣe ń wọ inú omi lọ, wọn yóò máa tu ásítéètì síta, omi yóò sì kan. Wọ́n lè dúró nígbà tí gúlúkóòsì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yẹ bí omi ṣe kan tó wò kí ẹ tó dá oúnjẹ lẹ́bi. Ẹ tún rántí pé bí OD600 bá ti kọjá nǹkan bíi 0.4, ẹ̀rọ ń ka iye tó kéré sí òótọ́. Àfi kí ẹ fi omi là á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó rí ìdúró tí kò sí.

Ní ìpele ìdúró, kòkòrò ń kéré sí i, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní RpoS sì ń tan jíìnì tó ń dáàbò bo ara. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, agbára láti tún ara ṣe ń tán, ikú sì dé. OD600 lè má yí padà púpọ̀, nígbà tí iye tó ń hù lórí àwo ń já wálẹ̀.

Nínú omi tó lọ́ràá, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kú. Àwọn díẹ̀ ń jẹ ohun tó jáde lára òkú. Ní 1993, Roberto Kolter, onímọ̀ nípa bakitéríà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Íkólì tó ti lo ọjọ́ 10 nínú ìgò pọ̀ mọ́ èyí tó lo ọjọ́ 1. Àgbà náà gba gbogbo ìgò mọ́ ọmọdé lọ́wọ́. Jíìnì RpoS rẹ̀ ló ti yí padà, èyí sì jẹ́ kó lè máa lọ́po lórí ìwọ̀nba ásíìdì amínò tó ń jáde lára àwọn tó kú.