Àgbàdo Elésè Àlùkò: Ilẹ̀ Ló Kan, Ajílẹ̀ Kò Kéré

Màmá kan pè mí wá sí oko wọn lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Àgbàdo wọn ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀, kò tíì dé orúnkún, etí ewé rẹ̀ sì ti di elésè àlùkò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti da ajílẹ̀ NPK sí i. "Ọmọ mi, ṣé kí n tún ra àpò kan ni?" Mo ní kí wọ́n fọwọ́ mú owó wọn ná.

Mo fa igi kan tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó sì ki, bí ìka tí wọ́n gé lórí. Ìgbà yẹn ni mo ti fura pé ilẹ̀ náà kan, ìyẹn ni pé ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ òtútù tàbí omi tó dúró lóko náà lè sọ ewé di elésè àlùkò, nítorí náà a bu ilẹ̀ níbi mẹ́wàá káàkiri oko, ní ìjìnlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, a pò ó pọ̀, a sì gbé díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. pH rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, jẹ́ 4.7; bó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe kan tó. Àgbàdo fẹ́ nǹkan bíi 5.5 sókè.

Ní tiwa lẹ́bàá ọ̀sà, yanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀, òjò sì ń fọ kalisíọ́mù rẹ̀ lọ. Yúríà tí à ń dà lọ́dọọdún tún ń dá kún un. Tí ilẹ̀ bá ti kan tó bẹ́ẹ̀, alumíníọ́mù tó wà nínú rẹ̀ yóò yọ́, yóò máa jó orí gbòǹgbò, yóò sì di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú NPK mú, àìrí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì yìí ló sì ń sọ ewé di elésè àlùkò. Oúnjẹ wà nínú abọ́, ọwọ́ irè ò tó o.

Láìmù ló ń tún un ṣe, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò. Oko màmá jẹ́ pulọ́ọ̀tì kan, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120. Mo ní kí wọ́n lo àpò méjì, oníkílò 50 kọ̀ọ̀kan. Kò lè gba àgbàdo ti ọdún yẹn là, nítorí ó máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìkórè ni wọ́n fọ́n ọn ká, wọ́n fi ọkọ́ pò ó wọlẹ̀, wọ́n sì dúró fún oṣù kan kí wọ́n tó gbin tuntun. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ yúríà o, nítorí afẹ́fẹ́ ni yúríà yẹn yóò bá lọ. Ẹ ó kàn gbọ́ òórùn rẹ̀ tó ń ta sí imú. Ẹ má sì ra láìmù gbígbóná àwọn kọ́lékọ́lé. Ó ń jó ọwọ́, ó sì ń jó ojú.

Ẹnìkan lè rò pé àpò mẹ́rin yóò tètè ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ilẹ̀ oníyanrìn, àṣejù láìmù ń há síǹkì tó jẹ́ oúnjẹ àgbàdo mọ́lẹ̀, ewé àgbàdo tuntun á wá ní ìlà funfun. Ẹni tí kò bá rí láìmù lè lo eérú igi. Ó tó ìlọ́po méjì láìmù kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà.

Màmá ní ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, lórí ilẹ̀ kan náà. Ó ń ta ewé dáadáa, nítorí ẹ̀gẹ́ máa ń gba ilẹ̀ kíkan mọ́ra. Mo ní kí wọ́n má náwó láìmù kankan síbẹ̀.