Ìwádìí Wa Kò Rí Ìyàtọ̀ Kankan: Kí Ni Kí N Kọ sí Olóòtú Jọ́nà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣe ìwádìí ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Múṣin àti Sùúrùlérè, láti mọ̀ bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù máa jẹ́ kí àwọn ìyá gbé ọmọ padà wá gba abẹ́rẹ́ pẹ́ńtà kẹta. Kò mú ìyàtọ̀ wá. Jọ́nà kan ti dá a padà láì tiẹ̀ fún ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò. Kí ni kí n kọ sínú lẹ́tà tí mo máa fi ṣáájú iṣẹ́ náà báyìí?

Ìdáhùn: Yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò níbẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà yìí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbájáde wa kò dára tó." Bí olóòtú bá ti kà á débẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo ti bá a dájọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ẹ wá a dáadáa tí kò sí ńbẹ̀ ni, àbí ẹ kò wá a tó? Ẹni tó fi iná yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá wò tí kò rí àkekèé lè tẹ́ ọmọ sùn níbẹ̀. Ẹni tó wò ó nínú òkùnkùn, òun náà kò rí àkekèé, ṣùgbọ́n ta ló máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Iye p rẹ, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ìyàtọ̀ tó tó èyí tẹ́ ẹ rí ṣèèṣì wáyé bí àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá ṣiṣẹ́ rárá, kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ìwádìí bá kéré jù, iye p rẹ̀ lè ga gẹ́gẹ́ bíi ti ìwádìí ńlá tó yẹ gbogbo nǹkan wò fínnífínní.

Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àlàfo ìdánilójú, ìyẹn àwọn iye tí ìyàtọ̀ gangan lè jẹ́ tí dátà yín kò fi ta kò ó, bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀ tó kéré jù tí ẹ ti sọ ṣáájú pé ó máa wúlò. O kò kọ iye tẹ́ ẹ rí sí mi, nítorí náà màá fi iye àròsọ ṣe é. Jẹ́ ká ní kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá fi ìyá 8 kún àwọn tó ń padà wá nínú 100, kò tó ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ máa náwó sí. Ẹ pín ìyá 1,200 sí ọ̀nà méjì láìṣojúsàájú, 600 síbí, 600 sọ́hùn-ún. Nínú àwọn tẹ́ ẹ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí, 468 gbé ọmọ wá gba ìkẹta, ìyẹn ìdá 78 nínú 100. Nínú àwọn tí ẹ kò fi ránṣẹ́ sí, 462 ló wá, ìdá 77. Ìyàtọ̀ jẹ́ 1. Àlàfo ìdánilójú ìdá 95 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí -4 dé nǹkan bíi +6.

Wo òkè àlàfo yẹn: +6 kò dé 8. Ẹ ti wá a pẹ̀lú iná. Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ń retí lọ́wọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kò bá dátà yín mu, èyí sì ni lẹ́tà rẹ gbọ́dọ̀ gbé jáde. Ṣùgbọ́n ká ní ìyá 60 péré ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, tí ìdá kan náà sì jáde, àlàfo ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí -14 dé +16. Mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe rí, má kọ ọ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kò ṣiṣẹ́. Kọ ọ́ pé ẹ kò tíì lè sọ, kó o sì wá jọ́nà tó ń gba ìwádìí kékeré.

Gẹ̀ẹ́sì lo máa fi kọ ọ́, àmọ́ ọkàn lẹ́tà náà nìyí:

"A ń fi àbájáde ìwádìí kan tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìyá àkọ́kọ́ tó wọlé ránṣẹ́ sí yín. A ti sọ ṣáájú pé àfikún 8 nínú 100 ni ìyàtọ̀ tó kéré jù tó lè mú kí ìjọba ìbílẹ̀ náwó sí ètò yìí. Ìyàtọ̀ tí a rí jẹ́ 1, àlàfo rẹ̀ sì yọ 8 sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí nínú ìlú ńlá tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ní fóònù lè fi èyí ṣe ìpinnu."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fi nọ́ńbà tẹ́ ẹ gbà ní PACTR, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ìwádìí ìṣègùn sílẹ̀ ní Áfíríkà, síbẹ̀ kí olóòtú lè lọ wo ọjọ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láìsí ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tó fi hàn pé 8 ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí àbájáde.

Gbólóhùn kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Olóòtú tó gbọ́n á béèrè pé ṣé àtẹ̀jíṣẹ́ náà tilẹ̀ dé? Èkó nìyí. Ìyá tó ti tẹ STOP sí 2442 nítorí ìpolówó kò ní rí àtẹ̀jíṣẹ́ alápapọ̀ yín gbà, àyàfi bí ẹni tó ń bá yín fi ránṣẹ́ bá gba ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Àwọn mìíràn fún yín ní nọ́ńbà ọkọ, àwọn kan ti pààrọ̀ síìmù. Lọ gba ìwé ìjábọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó fi wọ́n ránṣẹ́, kó o ka iye ìlà tó ní `DELIVRD` àti iye tó ní `UNDELIV` tàbí `REJECTD`. Bí èyí tó pọ̀ jù bá dé, kọ ìdá rẹ̀ sínú lẹ́tà. Bí ìdajì kò bá dé, ìtàn yín ti yí padà: ètò ìfiránṣẹ́ lẹ dán wò, kì í ṣe ipa ìránnilétí lórí ìyá. Òótọ́ yẹn náà wúlò, ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ mìíràn ni.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi ní kí n gbé àwọn tó jẹ́ pé ọmọ àkọ́kọ́ wọn ni síwájú nínú lẹ́tà, torí lára tiwọn, p jẹ́ 0.03. Ó tún ní kí n ṣírò agbára ìwádìí náà, ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kó rí ìyàtọ̀ bó bá wà, láti inú àbájáde tá a rí.

Ìdáhùn: Bá mi kí ọ̀gá, ṣùgbọ́n má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọ̀nà mélòó lẹ gbà pín àwọn ìyá náà kẹ́ ẹ tó kan èyí tó jáde? Bó bá jẹ́ mẹ́wàá, tí àtẹ̀jíṣẹ́ kò sì ṣiṣẹ́ rárá, tí ìpín kan kò sì gbára lé òmíràn, ó tó ìgbà 40 nínú 100 tí ó kéré tán ọ̀kan máa fi ní p tó wọ abẹ́ 0.05, ibi tí wọ́n sábà máa ń pààlà sí. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, ààyè rẹ̀ ni inú àpilẹ̀kọ, lábẹ́ ohun tó ṣì nílò ìwádìí. Tó bá wọ lẹ́tà, olóòtú á rò pé ẹ̀yin fúnra yín kò gba àbájáde yín gbọ́.

Ní ti agbára, Hoenig àti Heisey, àwọn onímọ̀ ìṣirò, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 2001: èyí tá a ṣírò láti inú àbájáde, iye p kan náà ló wọ aṣọ mìíràn. Tí p bá ti ga, ó di dandan kó kéré. Èyí tẹ́ ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kó o kọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí n sọ fún olóòtú pé àwọn jọ́nà kì í fẹ́ gba irú iṣẹ́ yìí?

Ìdáhùn: Ó mọ̀. Erick Turner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi iye sí i ní 2008: ìwádìí 74 lórí oògùn ìsoríkọ́ ni wọ́n tọpa nínú ìwé àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà. Nínú 38 tí àjọ náà kà sí èyí tó yọrí sí rere, 37 jáde. Nínú 36 yòókù, 3 péré ló jáde bó ṣe rí. 22 kò jáde rárá, wọ́n sì kọ 11 bí ẹni pé ó yọrí sí rere. Bó o bá kó èyí sínú lẹ́tà, ẹjọ́ gbogbo ayé lò ń rò dípò tìrẹ. Sọ ìpinnu tí iṣẹ́ rẹ máa yí padà, kó o sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n kì í ti í béèrè bóyá àbájáde dùn mọ́ni. PLOS ONE, fún àpẹẹrẹ, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ṣe é àti bóyá ẹ̀rí gbe ohun tẹ́ ẹ sọ ni wọ́n ń wò.