Àkọsílẹ̀ DNS Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bèèrè: Ìyàtọ̀ Láàárín Sáfà Orúkọ àti Zone Editor

Ibi méjì ni ènìyàn ti lè fọwọ́ kan DNS dómènì rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń sọ àdírẹ́sì tí orúkọ dómènì ń tọ́ka sí, àwọn méjèèjì sì jọra lójú débi pé ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkínní ni àpótí `Nameservers`, èyí tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí a ti ra dómènì. Èkejì ni `Zone Editor`, níbi tí a ti ń kọ àkọsílẹ̀ A, MX, TXT àti àwọn yòókù. Àpótí kìíní ń sọ sáfà tí ayé gbọ́dọ̀ bi. Èkejì ń sọ ohun tí sáfà náà yóò fi dáhùn. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé `Zone Editor` lè wà ní ibi méjì tàbí mẹ́ta fún dómènì kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn yóò sì máa gba àkọsílẹ̀ wọlé láìjanpata, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan péré nínú wọn ni ayé ń bi.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò àdìrẹ kan ní Wuse, ní Àbújá, kí a sì pe dómènì rẹ̀ ní `example.com`. Láti ọjọ́ tó ti rà á ni sáfà orúkọ ilé-iṣẹ́ tó tà á fún un, `ns1.example.net` àti `ns2.example.net`, ti wà nínú àpótí náà. Lórí àwọn sáfà yìí náà ni àkọsílẹ̀ MX tó ń gba ímeèlì àwọn oníbàárà rẹ̀ wọlé wà. Nígbà tó yá, ó gba ààyè ìkànnì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kejì. Ẹni tó ń bá a kọ́ ìkànnì, tó ń gbé ní Kàdúná, wọ inú cPanel ilé-iṣẹ́ kejì yìí, ó ṣí `Zone Editor`, ó kọ àkọsílẹ̀ A pẹ̀lú àdírẹ́sì `203.0.113.25`, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn pé àkọsílẹ̀ náà ti wọlé. Ìkànnì kò ṣí. Wọ́n ní kó dúró fún wákàtí 48 kí àtúnṣe náà lè tàn káyé. Wákàtí 48 kọjá, ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkànnì kò ṣí síbẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé kí ènìyàn dúró yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní ibi, nítorí kò sí ohun kankan tó ń tàn káyé nínú DNS. Bíbèèrè ni wọ́n ń bèèrè. Bí ẹnì kan ní Kánò bá tẹ `example.com` sórí fóònù rẹ̀, sáfà aṣèwádìí ti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ á lọ bá àwọn sáfà tó ń tọ́jú `.com`. Àwọn wọ̀nyí kò mọ àdírẹ́sì ìkànnì náà rárá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ta dómènì fi ránṣẹ́ sí wọn láti inú àpótí `Nameservers`, ìyẹn ni pé kí a lọ bi `ns1.example.net`. Aṣèwádìí á lọ síbẹ̀, á béèrè A, á sì gbé ìdáhùn padà. Kò bi sáfà ilé-iṣẹ́ kejì ní ohunkóhun, nítorí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ sáfà náà fún un.

Bí ọ̀rọ̀ mẹ́gáàdì ẹnu géètì ẹ́síténtì kan ní Gwárínpa ni. Mẹ́gáàdì kò mọ iye yàrá tó wà nínú ilé kankan. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò sọ ju orúkọ alábòójútó ilé kọ̀ọ̀kan lọ. Bí ènìyàn méjì bá ń pe ara wọn ní alábòójútó ilé kan náà, tí kálukú sì ní ìwé tirẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mẹ́gáàdì ni àlejò yóò bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kejì lè máa tún ìwé tirẹ̀ kọ láràárọ̀, kó tilẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé òun ni alábòójútó, síbẹ̀ ìwé mẹ́gáàdì kò yí padà.

Orúkọ tó kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn ni àkọsílẹ̀ NS tí a máa ń rí nínú `Zone Editor`, òun ló sì ń tan àwọn tó mọṣẹ́ díẹ̀ jẹ. Wọ́n á yí i padà níbẹ̀, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti yí sáfà orúkọ padà. Èyí tí `.com` ní lọ́wọ́ ló ń darí ayé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí méjèèjì bára mu, nítorí àwọn aṣèwádìí kan wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ sáfà tí `.com` júwe, NS tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà lọ.

Láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹ fi àṣẹ `dig` bi sáfà `.com` fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ bi alábòójútó méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Dómènì tiyín àti sáfà tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò àwọn orúkọ àpẹẹrẹ yìí:

```
dig +norecurse NS example.com @a.gtld-servers.net
dig A example.com @ns1.example.net
dig A example.com @ns1.example.org
```

Ìdáhùn ìlà kìíní máa ń wà lábẹ́ `AUTHORITY SECTION`. Fún oníṣòwò wa, `ns1.example.net` ni yóò jáde níbẹ̀. Ìlà kejì yóò mú àdírẹ́sì àtijọ́ wá, ìlà kẹta, tó bi sáfà ilé-iṣẹ́ kejì, yóò sì mú `203.0.113.25`. Àkọsílẹ̀ tuntun náà pé, ó sì tọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò bi ló wà.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. Èyí tó rọrùn jù ni kí ó padà sí `Zone Editor` ilé-iṣẹ́ kìíní, kí ó yí A nìkan padà sí `203.0.113.25`, kí ó sì fi MX sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí TTL àkọsílẹ̀ A àtijọ́, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá tí aṣèwádìí lè fi pa ìdáhùn mọ́, bá jẹ́ `14400`, kò sí aṣèwádìí tó yẹ kó di ìdáhùn àtijọ́ mú ju wákàtí 4 lọ. Ọ̀nà kejì ni kí ó yí sáfà orúkọ padà sí ti ilé-iṣẹ́ kejì, ibẹ̀ sì ni ímeèlì ti sábà máa ń bàjẹ́. Gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ ni àtúnṣe kan yẹn pààrọ̀. Nínú ìwé tí cPanel máa ń dá kọ fún dómènì tuntun, sáfà ìkànnì náà gan-an ni MX ń tọ́ka sí. Lẹ́tà àwọn oníbàárà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń ṣí wọn. Nítorí náà, ẹ da MX àti TXT kọ sí ìwé tuntun ní kíkún kí ẹ tó fọwọ́ kan àpótí `Nameservers`.

Pínpín tí wọ́n pín iṣẹ́ yìí sí méjì mọ́gbọ́n dání gan-an, nítorí ó jẹ́ kí oní-dómènì lè yí àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà nígbàkígbà tó bá wù ú láìjẹ́ pé àwọn sáfà `.com` mọ̀ sí i. Àbùkù rẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ: ó yẹ kí `Zone Editor` kọ́kọ́ wádìí bóyá ayé ń bi òun, kó sì sọ ọ́ gbangba bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dípò kó máa sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ ti yọrí.

Wákàtí 48 tí wọ́n ń sọ náà ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n sáfà orúkọ nìkan ló kàn. TTL tí `.com` fi sára NS jẹ́ `172800`, ìyẹn ọjọ́ 2, oní-dómènì kò sì ní agbára láti dín in kù. Ní àárín ọjọ́ 2 yẹn, àwọn aṣèwádìí kan yóò ṣì máa bi `ns1.example.net`, nítorí náà àkọsílẹ̀ kan náà gbọ́dọ̀ wà níbi méjèèjì. Bí wọ́n bá ti pa ìwé àtijọ́ rẹ́ ṣáájú àkókò náà, ìkànnì yóò máa ṣí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, kò sì ní ṣí lórí òmíràn, títí ìpamọ́ àtijọ́ yóò fi tán.