Òòfà, àmì ara àti ìfàlà: ohun tí àyẹ̀wò góòlù nínú ilé lè fi hàn àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ní Abẹ́òkúta, bí ọjọ́ ìgbéyàwó bá ti ń sún mọ́lé, àpótí tí góòlù ìyá àgbà wà nínú rẹ̀ á di ṣíṣí, àwọn aládùúgbò tó fẹ́ ta tiwọn náà á sì máa gbé e wá fún ẹbí ìyàwó láti wò. Ká gbé ọ̀kan yẹ̀ wò: ẹ̀gbà ọwọ́ tó wọn gíráàmù 21.5, tí wọ́n tẹ 750 sí ara ìkọ́ rẹ̀, tí ẹni tó ni ín sì sọ pé kárátì 18 ni. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, ẹbí fẹ́ dán an wò fúnra wọn, wọ́n sì ní òòfà, ojú tó ríran dáadáa àti táìlì kan tó ṣẹ́kù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé.

Òòfà ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Góòlù kì í tẹ̀ lé òòfà, nítorí náà bí ara ẹ̀gbà bá lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, irin ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti parí. Òòfà ara ilẹ̀kùn fíríìjì kò lágbára tó fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti bàjẹ́ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára kí wọ́n fi òwú so ẹ̀gbà náà kọ́, kí wọ́n wá gbé òòfà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, torí pé ohun tó bá so kọ́ á fi hàn bí ó bá ń fà, kódà bí agbára ìfà náà kò ju díẹ̀ lọ. Ti ẹ̀gbà wa yìí, ara rẹ̀ kò mira rárá, ṣùgbọ́n ìkọ́ rẹ̀ sún díẹ̀ sọ́dọ̀ òòfà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré pariwo ayédèrú, bẹ́ẹ̀ sì ni sípíríǹgì kékeré tó ń ti ìkọ́ padà lè jẹ́ irin, kódà lára ojúlówó góòlù, nítorí góòlù rọ̀ ju ohun tó lè máa ta padà bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkọ́ tó bá fà díẹ̀ kò tíì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Àléébù tó tóbi jù nínú òòfà wà ní òdìkejì. Idẹ, bàbà, fàdákà àti òjé, kò sí èyí tí òòfà ń fà nínú wọn, àwọn gan-an sì ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń lò jù. Òòfà lè sọ pé rárá. Kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka àmì. 750 túmọ̀ sí pé nínú ìdá 1000, ìdá 750 jẹ́ góòlù, èyí tó bá kárátì 18 nínú 24 mu. Bákan náà ni 916 jẹ́ ti kárátì 22, 585 ti kárátì 14, 375 ti kárátì 9. Ẹni tó bá rí 925 lára ohun pupa fẹ̀ẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ yọ̀, torí àmì fàdákà ni, ó sì lè jẹ́ pé góòlù ni wọ́n kàn fi bò ó lójú. Èyí tó ń tan èèyàn jù ni àmì tó ní lẹ́tà lẹ́yìn. GP, GEP àti HGE ń sọ pé góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo nǹkan mìíràn. 1/20 14K GF túmọ̀ sí pé awọ góòlù kárátì 14 tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ogún gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ka 14K tí kò ka èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e yóò san owó góòlù fún idẹ.

Síbẹ̀, ẹ̀gbà wa kò ní lẹ́tà kankan, 750 lásán ló wà níbẹ̀, ó sì hàn kedere. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ṣe é ni àmì yìí jẹ́, kì í ṣe ẹ̀rí. Irin ìtẹ̀-àmì kì í ṣe ohun tó ṣòro rà, ó sì lè tẹ 750 sí ara ohunkóhun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé àyẹ̀wò tí kì í ṣe ti ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ ló ń fi àmì tirẹ̀ kún un, irú bí orí àmọ̀tẹ́kùn fún Lọ́ńdọ̀nù tàbí ìdákọ̀ró fún Bámíńgámù. Nọ́ńbà tí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wúwo ju nọ́ńbà tó dá wà lọ, àmọ́ èyí náà ṣeé farawé.

Ìfàlà ló kù. Wọ́n á fi ẹ̀gbà fa ìlà sí ẹ̀yìn táìlì, níbi tí kò dán, wọ́n á sì wo àwọ̀ ìlà náà: àwọ̀ góòlù ni wọ́n ń retí, dúdú kò dára. Ìkòkò amọ̀ lásán kò ṣeé lò, torí ó máa ń rún. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta Olúmọ, pẹ̀lú gbogbo iyì rẹ̀, kò bá iṣẹ́ yìí mu: ẹyọ ara rẹ̀ tóbi, ó sì ń gé ohun rírọ̀ bí ayùn. Ti ẹ̀gbà wa, ìlà pupa fẹ̀ẹ́rẹ́ jáde.

Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa kùsà ni ìfàlà yìí ti wúlò jù, láti ya góòlù sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta kan tó ń dán bíi rẹ̀, tí ìlà rẹ̀ máa ń dúdú. Òkúta yẹn kọ́ ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Idẹ ni wọ́n ń lò, ìlà idẹ náà sì lè pupa fẹ̀ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá sì fi góòlù bo idẹ, awọ òkè ni táìlì máa ń kọ́kọ́ há, góòlù gidi ló sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi kí ó lè wọ inú, wọ́n ti ba ọ̀ṣọ́ náà jẹ́, ìbáà jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú.

Báyìí ni ẹ̀gbà kan ṣe yege nínú gbogbo àyẹ̀wò mẹ́ta. Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù hàn. Wọ́n gbé ife omi sórí rẹ̀, wọ́n dá a padà sí òdo, wọ́n fi òwú so ẹ̀gbà sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife, òṣùwọ̀n sì kà 2.5. Èyí ni ìwọ̀n omi tí ẹ̀gbà lé kúrò ní àyè rẹ̀. Bí a bá fi 2.5 pín 21.5, a ó rí 8.6, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀gbà fi wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ, èyí tó jẹ́ ti idẹ. Góòlù kárátì 18 á fi nǹkan bíi 15 hàn, òṣùwọ̀n ì bá sì ti kà nǹkan bíi 1.4 péré. Àlàfo náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kò fi lè bò ó. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka odindi gíráàmù nìkan kò wúlò fún èyí, ẹ̀gbà tí inú rẹ̀ ṣófo tàbí tí òkúta wà lára rẹ̀ á sì pa irọ́ nínú omi, torí pé afẹ́fẹ́ àti òkúta fúyẹ́ ju góòlù lọ.

Èyí tó bá kọjá ìyẹn ti di iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ góòlù. Á fi fáìlì irin ha ojú kékeré kan níbi tó pamọ́, kí ó lè kọjá awọ òkè, á fa ìlà láti ojú yẹn sórí òkúta dúdú tó kúnná, á fa ìlà góòlù tó ti mọ kárátì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì kán ásíìdì sí méjèèjì. Ìlà idẹ á pòórá lójú ẹsẹ̀. Ásíìdì yẹn ń jó awọ ara, èéfín rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ó wọ inú ilé tí àwọn ọmọdé wà.