Kúrómósóòmù 21 mẹ́ta: ibi tó ti ń wá, àti bí wọ́n ṣe ń rí i nínú káríótáìpù

Kúrómósóòmù 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn, méjì-méjì ni wọ́n sì ń rìn. Oríṣi 22 ni wọ́n fún ní nọ́ńbà, láti 1 dé 22. Èyí tó kù ni X méjì fún obìnrin, tàbí X kan àti Y kan fún ọkùnrin. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ìyá ló fún ọmọ ní ọ̀kan, bàbá ló fún un ní èkejì. Fún ìdí èyí, 23 péré ló yẹ kí ẹyin gbé, 23 péré ló sì yẹ kí àtọ̀ gbé. Ìpínyà sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ 46 di 23 ni mìósísì. Tí iye náà bá fi ọ̀kan lé tàbí tó fi ọ̀kan dín, aniúpúlọ́ídì ni. Tí oríṣi kúrómósóòmù kan bá wá di mẹ́ta dípò méjì, ìyẹn ni tírísómì.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé kúrómósóòmù 21 nìkan. Kí mìósísì tó bẹ̀rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà 21 tó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, á sì ṣe ẹ̀dà ti bàbá náà. Ẹ̀dà méjì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì so mọ́ra ní ojú ìdè wọn. Lẹ́yìn náà ni ìpínyà méjì á tẹ̀ léra. Nínú ti àkọ́kọ́, 21 ti ìyá á lọ sí apá kan, 21 ti bàbá á lọ sí apá kejì, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ò sì tíì já kúrò lára ìkejì rẹ̀. Inú ìpínyà kejì ni àwọn ẹ̀dà tó so mọ́ra náà á ti já.

Àìpínyà lè ṣẹlẹ̀ nígbàkígbà nínú méjèèjì, àbájáde wọn kò sì dọ́gba. Tó bá jẹ́ ìpínyà àkọ́kọ́ ló kùnà, 21 méjèèjì á gba apá kan náà lọ, apá kejì á ṣófo. Nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó máa jáde níkẹyìn, méjì á ní 21 méjì-méjì, méjì ò ní ní rárá. Kò sí èyí tó pé nínú wọn. Tó bá jẹ́ ìpínyà kejì ló kùnà nínú ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì méjì á pé, ọ̀kan á ní 21 méjì, ọ̀kan ò ní ní. Nínú obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rin náà ló ń di ẹyin, àwọn yòókù á rọ dànù. Tí ẹyin tó ní 21 méjì bá wá pàdé àtọ̀ tó ní ọ̀kan, mẹ́ta ni ọmọ máa ní.

Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tírísómì 21 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni èyí tó lé ti wá, ìpínyà àkọ́kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin ni àwọn ẹyin rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mìósísì, tí wọ́n sì dúró sí agbedeméjì ìpínyà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa wà títí di oṣù tí ẹyin náà máa jáde, ó sì lè tó ogójì ọdún. Purotéènì kan tó ń jẹ́ kòhísìnì, tó rí bí òrùka, ló ń di àwọn kúrómósóòmù mú ní gbogbo àkókò yìí. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń gbó, tí ìdè náà sì ń tú kí àkókò rẹ̀ tó pé. Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé ìyá tó jẹ́ ẹni 20 ọdún ní nǹkan bí ọ̀kan nínú 1,500 láti bí ọmọ tó ní tírísómì 21, ẹni 35 ní nǹkan bí ọ̀kan nínú 350, ẹni 40 sì ní nǹkan bí ọ̀kan nínú 100.

Kì í ṣe 21 nìkan ló ń kùnà o. Tírísómì 16 ló wọ́pọ̀ jù nínú oyún tó ń bàjẹ́, àmọ́ a kì í rí ọmọ tó ní in ní gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kó yè. Nínú àwọn tó ní nọ́ńbà, 21 ni jíìnì inú rẹ̀ kéré jù, ìdí nìyẹn tí ara fi lè gbé mẹ́ta rẹ̀.

Láti ya káríótáìpù, ìyẹn àwòrán gbogbo kúrómósóòmù inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tó ní hẹ́párìnì kó má baà dì. Wọ́n á fi oògùn tó ń ta sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun jí sí i, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ ní 37 °C fún nǹkan bí wákàtí 72. Kólísémíìdì ni wọ́n á fi dá sẹ́ẹ̀lì dúró lákòókò tí kúrómósóòmù ki jọ dáadáa. Omi iyọ̀ tó fẹ́lẹ́ á mú sẹ́ẹ̀lì wú, wọ́n á wá kán an sórí gíláàsì kó lè tẹ́. Tírípsìnì díẹ̀ àti aró Gíímísà ló ń yọ ìlà dúdú àti funfun tí wọ́n fi ń dá oríṣi kọ̀ọ̀kan mọ̀. Tí tírípsìnì bá pẹ́ jù lórí rẹ̀, kúrómósóòmù á wú, ìlà á sì parẹ́.

Ká wá ka ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọwọ́ obìnrin ni, sẹ́ẹ̀lì 20 ni wọ́n kà, 47 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. X jẹ́ méjì, kò sí Y. Àwọn tó kéré jù lọ, tí ojú ìdè wọn wà létí, jẹ́ márùn-ún. Ibí yìí ni ẹni tó ń kánjú ti ń ṣìṣe. Fún obìnrin, mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀: 21 méjì àti 22 méjì. Fún ọkùnrin, márùn-ún gan-an ló yẹ, torí Y náà kéré bíi tiwọn. Ẹni tó kàn rí márùn-ún láìwo X àti Y kò tíì ka nǹkan kan.

Ṣé 21 ló lé ni, àbí 22? Gígùn nìkan kò tó láti fi mọ̀, torí 21 ló kúrú ju 22 lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ ló ṣáájú. Àṣìṣe àtijọ́ ni, wọn ò sì yí i padà mọ́. Ìlà ló ń sọ ọ́. 21 ní ìlà dúdú kan tó fẹ̀ lápá gígùn rẹ̀, nítòsí ojú ìdè. Ti 22 mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, mẹ́ta ló ní ìlà dúdú náà, nítorí náà wọ́n á kọ ọ́ báyìí:

`47,XX,+21`

Tí wọ́n bá ka 46, kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nínú ìdá mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní àrùn Down, ìyẹn àrùn tí 21 mẹ́ta ń fà, apá gígùn 21 kan ti lẹ̀ mọ́ kúrómósóòmù mìíràn, 14 lọ́pọ̀ ìgbà. Kúrómósóòmù á jẹ́ 46, àmọ́ apá gígùn 21 á jẹ́ mẹ́ta. Báyìí ni wọ́n á kọ ọ́, der ni èyí tó lẹ̀ pọ̀ náà, q sì ni apá gígùn:

`46,XX,der(14;21)(q10;q10),+21`

Nírú èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ ya ti ìyá àti bàbá, torí ọ̀kan nínú wọn lè ní 45, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, kó tún lè bí òmíràn bẹ́ẹ̀.

Tí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nínú 20 bá ní 45, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì náà bẹ́ sórí gíláàsì, tí kúrómósóòmù kan fò jáde. Kí wọ́n tó gbà pé ọ̀kan dín lóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kúrómósóòmù kan náà ló sọnù nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, ó kéré tán. Fún èyí tó lé, méjì tó. Nígbà tí 12 bá ní 47, tí 8 sì pé, wọ́n á kọ ọ́ ní `47,XX,+21[12]/46,XX[8]`.

Àwòrán yìí kò lè sọ bóyá ìpínyà àkọ́kọ́ ló kùnà tàbí èkejì, torí 21 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra wọn lójú. DNA ọmọ àti ti àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n á fi wé ara wọn, ní agbègbè ojú ìdè gan-an. Tí 21 méjì tó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá bá yàtọ̀ síra níbẹ̀, ìpínyà àkọ́kọ́ ni. Tí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, èkejì ni.